Ògiri ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé Èkìtì ni fótò kan ti wá? (Ìbéèrè àti ìdáhùn)

Látìgbà tí mo ti bá àbúrò mi yẹ fótò ilẹ̀ kan wò (màá sọ ọ́ tó bá yá) làwọn èèyàn ti ń fi fótò ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀gbọ́n ẹ bá mi wo eléyìí, ṣé ilé wa nìyí àbí wọ́n ń purọ́ fún mi. Ìbéèrè kan náà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ síbí.

Ṣebí gbogbo ilẹ̀ wa ló pupa, kí wá ni pupa fẹ́ sọ fún mi?

Òótọ́ lẹ sọ, pupa nìkan ò lè sọ ibi tẹ́ ẹ wà. Ilẹ̀ pupa wà l'Adó, ó wà ní Ìjẹ̀bú, ó wà ní Benin, ó wà n'Ílọrin. Irin tó wà nínú ilẹ̀ ló ń pa á láró. Ẹ gbé àdá sílẹ̀ síta kí òjò àti oòrùn máa lù ú, ẹ máa rí i pé á dípẹtà, ohun tó ń ṣe ilẹ̀ náà nìyẹn. Níbi tómi ti ń tètè lọ, irin yẹn á pupa dáadáa. Níbi tí ọ̀rinrin máa ń dúró díẹ̀, á wọ́ sí àwọ̀ ìyeyè tàbí búráùn. Níbi tómi bá ti dúró pátá, bíi nínú àkùrọ̀, afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ ilẹ̀, pupa yẹn á sì ṣá, ilẹ̀ á dà bí eérú.

Torí náà lórí òkè kan ṣoṣo l'Ékìtì ẹ lè rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pupa lókè, búráùn láàárín, eérú nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò, oko ẹnì kan ṣoṣo sì ni gbogbo ẹ̀ lè jẹ́. Bí omi ṣe ń rìn níbẹ̀ ni àwọ̀ kọ́kọ́ ń sọ. Ohun tó ń sọ agbègbè ni nǹkan tó wà nínú pupa yẹn àti nǹkan tó wà lábẹ́ ẹ̀.

Tí mo bá wá dé ibi tí katapílà ti gé òkè, kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ má wo àwọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ dúró lódìkejì títì kẹ́ ẹ lè rí ògiri yẹn látòkè délẹ̀, kẹ́ ẹ wá kà á bí ẹni ka ìwé, látòkè wá sísàlẹ̀.

Níbi tó pọ̀ jù l'Ékìtì, báyìí ló ṣe máa ń rí. Lókè pátápátá ni ilẹ̀ dúdú tí gbòǹgbò koríko wà nínú ẹ̀, kì í nípọn, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí kó lé díẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ lẹ máa rí ìpele kan tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́, òkúta funfun ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó tò lọ gbọọrọ bí ìlà lára ògiri, ó sì máa ń tẹ̀ lé bí òkè ṣe dà sílẹ̀. Abẹ́ ìyẹn ni amọ̀ pupa wà, ó lè nípọn, ó lè má nípọn. Nísàlẹ̀ amọ̀ yìí ni nǹkan tí mo fẹ́ràn jù wà, ìyẹn àpáta tó ti jẹrà. Ilẹ̀ lẹ máa pè é torí ẹ lè fi àdá gé e, ó rọ̀, ó ń fọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn ẹ máa rí i pé ìlà dúdú àti funfun tó wà lára àpáta tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, bí aṣọ òfì tó ti gbó tí ìlà ẹ̀ ò tíì parẹ́. Tí gígé yẹn bá wá jìn tó, ẹ lè rí àpáta líle tí kò tíì jẹrà nísàlẹ̀, tàbí àwọn òkúta ńlá róbótó tó kù láàárín èyí tó jẹrà, tí ara wọn ń bó bí àlùbọ́sà.

Tẹ́ ẹ bá rí ìtò yẹn, orí àpáta àtijọ́ lẹ wà. Gbogbo Èkìtì ló jókòó lé irú àpáta bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú gíránáìtì tó wà nínú ẹ̀ sì ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 600.

Báwo ni òkúta funfun yẹn ṣe dé àárín ilẹ̀? Ṣé wọ́n dà á síbẹ̀ ni?

Ẹnikẹ́ni ò dà á síbẹ̀ o. Òkúta funfun yẹn ni kúwọ́ọ̀sì, ó sì le débi pé òjò àti oòrùn ò rí i ṣe. Inú àpáta ló wà tẹ́lẹ̀, ó gba inú ẹ̀ kọjá bí iṣan ṣe gba inú ẹran kọjá. Nígbà tí àpáta yòókù jẹrà tó di amọ̀, iṣan funfun yẹn ò jẹrà, ó kàn fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ikán sì ń gbé erùpẹ̀ kíkúnná látìsàlẹ̀ wá sókè láti mọ ọ̀gán, wọn ò lè gbé òkúta, torí náà bí ọdún ṣe ń gorí ọdún erùpẹ̀ á máa gorí òkúta, òkúta á wá di ìlà lábẹ́ ẹ̀.

Ibì kan wà tó dùn ún wò tẹ́ ẹ bá bá a pàdé. Ẹ máa rí iṣan funfun kan tó gòkè tààrà látinú àpáta tó jẹrà, bó ṣe dé ìsàlẹ̀ ìlà òkúta yẹn, á tẹ̀ sí apá ibi tí òkè dà sí, á wá fọ́ wọnú ìlà náà. Bí ilẹ̀ ṣe ń rọra yọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lẹ rí yẹn, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè dọ́gbọ́n ẹ̀. Ibi tí mo bá ti rí i, mi ò tún bèèrè bóyá wọ́n da ilẹ̀ síbẹ̀ mọ́.

Kí wá ni ìyàtọ̀ sí ilẹ̀ pupa ti apá ìsàlẹ̀, bíi Òkìtìpupa àti Benin?

Orúkọ gan-an dùn láti fi ṣàlàyé ẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé inú "òkìtì" ni orúkọ Èkìtì ti jáde, "òkìtì" náà ló sì wà nínú Òkìtìpupa, ṣùgbọ́n òkìtì méjèèjì ò jọra rárá. Òkìtì tiwa, àpáta ni. Ti ibẹ̀ yẹn, iyanrìn àti amọ̀ tí omi àtijọ́ kó wá dà síbẹ̀ ni, kò tiẹ̀ súnmọ́ ti àpáta tiwa lọ́jọ́ orí rárá. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gba apá Òkìtìpupa kọjá lọ sí Benin, ẹ sì máa tún rí i ní Ìkòròdú.

Tí wọ́n bá gé ilẹ̀ yẹn, pupa ló máa jẹ́ látòkè délẹ̀, mítà mẹ́ta, mítà mẹ́rin, mítà márùn-ún, àwọ̀ kan náà. Kò sí ìlà òkúta funfun, kò sí àpáta tó jẹrà, kò sí òkúta róbótó. Òjò á wá fi ìka fa ara ògiri yẹn látòkè wá sísàlẹ̀, ẹ máa rí ojú ipa omi tó jìn wọnú ẹ̀ gbọọrọ gbọọrọ, iyanrìn tó sì kó jọ sídìí ẹ̀ máa ń mọ́ ju ògiri fúnra ẹ̀ lọ torí omi ti ṣan pupa ara ẹ̀ kúrò. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń tẹ́jú lọ réré, ẹ ò ní rí àpáta kankan tó yọrí lókèèrè.

Ẹ wá sọ ti fótò àbúrò yín yẹn fún wa.

Ẹ ṣeun. Èkó ni àbúrò mi ń gbé, ó fẹ́ ra ilẹ̀ sílé kó lè máa kọ́lé díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan tó ń bá èèyàn ta ilẹ̀ fi fótò mẹ́ta ránṣẹ́ sí i, ó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Adó sí Ìkéré ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la títì síbẹ̀, ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe dáa, kò ní òkúta, ìpìlẹ̀ ò ní ná yín lówó. Ọ̀rọ̀ "kò ní òkúta" yẹn ló kọ́kọ́ mú mi dúró, torí ẹni tó mọ Ìkéré mọ̀ pé ìlú àpáta Olóṣùnta àti Òròlé ni.

Fótò àkọ́kọ́, ògiri ilẹ̀ tí katapílà gé, ọkùnrin kan dúró níwájú ẹ̀, ògiri yẹn ga tó ìlọ́po méjì ẹ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ ká pè é ní mítà mẹ́ta ààbọ̀. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, mo wá ìlà òkúta funfun láti igun dé igun, kò sí. Mo wá àpáta tó jẹrà nísàlẹ̀, pupa kan náà ló bá a délẹ̀. Ojú ipa omi bí ìka ọwọ́ wà lára ẹ̀, iyanrìn tó mọ́ kó jọ sídìí ẹ̀. Fótò kejì, wọ́n yà á síwájú, ojú ọ̀run tẹ́jú lọ, kò sí òkè kankan. Ẹ̀kẹta ò wúlò, gééètì ló wà níbẹ̀.

Mi ò sọ fún àbúrò mi pé irọ́ ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tí mo ní kó ṣe ni pé kó bèèrè fótò méjì mìíràn: kí wọ́n bomi rin ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ kan látara ògiri yẹn kí wọ́n gbìyànjú láti lọ́ ọ bí okùn, kí wọ́n sì ya odò tàbí gọ́tà tó súnmọ́ ibẹ̀ jù, kí n lè wò bóyá òkúta wà nínú ẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́rin ọkùnrin yẹn ò dáhùn, nígbà tó dáhùn ó ní ẹ má bínú, fótò iṣẹ́ mìíràn ló ṣèèṣì bọ́ sínú ẹ̀, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti yà á.

Ìgbà tí mo délé, mo ní kí wọ́n mú mi lọ síbi ilẹ̀ náà gan-an. Ilẹ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo ohun tí ibi tí wọ́n gé níbẹ̀ fi hàn: ilẹ̀ dúdú tó nípọn tó àtẹ́lẹwọ́ kan, òkúta funfun tó kún tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, amọ̀ pupa tó tó mítà kan, lẹ́yìn náà àpáta jíjẹrà tó ní ìlà, òkúta dúdú róbótó méjì sì yọrí nínú ẹ̀, èyí tó tóbi jù tó táyà tírélà. Ilẹ̀ yẹn ò burú o, àbúrò mi padà rà á, ṣùgbọ́n owó ìpìlẹ̀ tó fi lélẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un torí ó ní láti fọ́ òkúta níbẹ̀, ìyẹn sì gbọ́dọ̀ hàn nínú iye tẹ́ ẹ bá máa san lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé kò wá lè sí ilẹ̀ tí kò ní òkúta l'Ékìtì rárá?

Ó lè sí, ibí yìí sì ni èèyàn ti máa ń ṣìnà. Nísàlẹ̀ òkè, kó tó di pé ẹ dé àkùrọ̀, òjò máa ń kó iyanrìn látòkè wá dà síbẹ̀, ìpele yẹn lè má ní òkúta kankan. Ṣùgbọ́n kì í pupa fòò, búráùn tàbí àwọ̀ tó ṣá ni, tẹ́ ẹ bá sì gbẹ́ jìn díẹ̀ ẹ máa bá òkúta wẹ́wẹ́ tàbí amọ̀ tó ní tóótòòtó eérú àti pupa.

Ìkejì ni pé àwọn àpáta dúdú kan wà tí irin pọ̀ nínú wọn, kúwọ́ọ̀sì ò sì tó nǹkan nínú wọn, bíi ti apá Iléṣà. Tí irú ẹ̀ bá jẹrà, á di ilẹ̀ tó pupa gan-an, tó jìn, tí òkúta funfun ò sí nínú ẹ̀, lójú fótò á wá jọ ti Òkìtìpupa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n bomi rin ín kí wọ́n lọ́ ọ. Ti Iléṣà yẹn, amọ̀ ni, á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ máa lọ́ ọ di okùn tín-ín-rín tí kò ní já. Ti ìsàlẹ̀, iyanrìn tó wà nínú ẹ̀ á máa rin yín lọ́wọ́, okùn yẹn á já kó tó gùn. Fótò nìkan ò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún yín, ọwọ́ ló ń yà wọ́n.

Nínú Èkìtì fúnra ẹ̀, ṣé mo lè mọ apá ibi tí mo wà?

Dé ìwọ̀n kan, bẹ́ẹ̀ ni.

Tẹ́ ẹ bá gba Ìtawurẹ́ lọ sí Ẹ̀fọ̀n àti Òkèmèsí, òkè ibẹ̀ gùn gbọọrọ bí ẹ̀yìn màlúù, kì í ṣe róbótó bíi ti Ìkéré. Àpáta ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì kúwọ́ọ̀sì, kúwọ́tísáìtì làwọn onímọ̀ àpáta ń pè é. Lára ibi tí wọ́n gé, ẹ máa rí i pé ó wà ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó dagun, funfun tí ìpẹtà ti kùn díẹ̀, ó sì máa ń tàn yanranyanran tí oòrùn bá bọ́ sí i torí máíkà, ìyẹn òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán, tó wà láàárín ẹ̀. Kìkì kúwọ́ọ̀sì kì í jẹrà di amọ̀, torí náà ilẹ̀ orí òkè yẹn kì í jìn, iyanrìn àti òkúta onígun ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ṣe máàpù ilẹ̀ kòkó ìwọ̀-oòrùn láyé àtijọ́ tiẹ̀ fi orúkọ Òkèmèsí pe irú ilẹ̀ yìí níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i. Inú àlàfo àpáta yìí náà ni omi gbígbóná Ìkọ̀gòsì ti ń jáde.

Apá Ìkéré àti Adó, òkúta róbótó ńláńlá lẹ máa rí. Àwọn kan nínú wọn dúdú, tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ tuntun inú ẹ̀ á ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ṣánókáìtì nìyẹn, ara ẹ̀ tí òjò ti pa á sì máa ń ní èèpo búráùn. Àwọn mìíràn jẹ́ gíránáìtì tí hóró funfun ńláńlá wà lára ẹ̀ bí ẹ̀pà.

Ìjerò ní tiẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà, ẹ lè rí àpáta tí gbogbo hóró ẹ̀ tóbi kọjá bó ṣe yẹ: máíkà tó ń ṣí ní pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ bíi gíláàsì, òkúta dúdú gbọọrọ bí igi tí wọ́n ń pè ní tọ́málíìnì, àti ibi funfun báláú tó ti jẹrà di ẹfun. Tí ẹfun bá wà lára ògiri ilẹ̀ pẹ̀lú máíkà ńláńlá, Ìjerò ni mo kọ́kọ́ máa ń rò, mi ò sì ní búra, torí irú àpáta yẹn wà níbòmíràn náà.

Yangí ńkọ́? Mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo títì.

Ẹ ṣọ́ra fún un. Yangí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lè jẹ́ èyí tí típà gbé wá láti kòtò mìíràn láti fi kún ọ̀nà, kòtò yẹn sì lè wà ní kìlómítà mélòó kan sí ibẹ̀. Ibi tí wọ́n gé ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba ibi tí wọ́n kún. Ẹ̀ẹ́ mọ èyí tí wọ́n kún torí ojú títì ló máa ga ju ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, òkúta inú ẹ̀ á wà rúdurùdu láìtò, ẹ sì lè rí ọ̀rá, bíríkì tó fọ́ tàbí kùkùté igi nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n gé, títì ló wà nísàlẹ̀, ògiri wà lápá méjèèjì tàbí lápá kan, gbòǹgbò igi sì wà lókè níbi tó ti hù sí látilẹ̀.

Oko ni mo wà, kò sí ibi tí wọ́n gé. Kí ni mo lè wò?

Ọ̀gán ni kẹ́ ẹ lọ bá. Ikán ti bá yín gbẹ́ ẹ, àwọ̀ ọ̀gán ni àwọ̀ ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, kì í ṣe ti òkè. Mo ti rí oko tí òkè ẹ̀ dúdú bí eérú tí ọ̀gán inú ẹ̀ pupa fòò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìdí ebè tí òjò ti fọ̀, òkúta funfun wẹ́wẹ́ á ti hàn níbẹ̀ tó bá wà. Tí wọ́n bá gbẹ́ kànga lágbègbè yẹn, ẹ lọ wo erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde, èyí tó wà lórí òkìtì yẹn pátápátá ni wọ́n gbẹ́ kẹ́yìn, òun ló wá láti ìsàlẹ̀ jù lọ.

Àwọ̀ inú fótò, ṣé mo lè gbà á gbọ́?

Rárá, àfi tí nǹkan tẹ́ ẹ mọ àwọ̀ ẹ̀ bá wà nínú ẹ̀. Fóònù máa ń fi kún pupa, pàápàá tí oòrùn bá ń wọ̀. Ẹ wá ohun funfun, ṣẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà ọkọ̀, tí funfun yẹn bá ti pọ́n, ilẹ̀ yẹn náà ò pupa tó bẹ́ yẹn. Ilẹ̀ tútù dúdú ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ, torí náà fótò oṣù kẹsàn-án àti ti oṣù kìíní ò ní jọra bó tilẹ̀ jẹ́ ibì kan náà, eruku ọyẹ́ á tún ti bo ara ògiri. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fótò bi èèyàn, ẹ fi àdá ha ojú ògiri yẹn kí èyí tuntun yọ, ẹ bomi rin apá kan ẹ̀, ẹ gbé bírò tàbí ìwé funfun kan tì í, ẹ wá yà á lọ́sàn-án.

Ṣé mo lè fi ilẹ̀ mọ̀ pé Èkìtì ni, kì í ṣe Ọ̀ṣun tàbí Kwara?

Ẹ ò lè ṣe é. Ọdún 1996 ni wọ́n gé Èkìtì kúrò lára Oǹdó, àpáta ò mọ̀ sí i. Òkè Ẹ̀fọ̀n yẹn wọ inú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ, irú gíránáìtì tiwa wà ní Ìdànrè, irú ìtò tí mo sọ lókè yẹn, òkúta funfun, amọ̀, àpáta jíjẹrà, ẹ máa bá a l'Ọ́mù-Àrán. Ohun tí ilẹ̀ lè ṣe ni pé kó yọ ibi tí kò lè jẹ́ kúrò. Ó sọ fún àbúrò mi pé fótò yẹn ò wá láti Ìkéré, kò sọ fún un pé Òkìtìpupa ló ti wá, ọkùnrin yẹn fúnra ẹ̀ ló sọ pé ìsàlẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti bá yín yọ wọ́n kúrò, ẹ wo ohun tó kù nínú fótò náà, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì lára pátákó, irú igi tó wà lókè ògiri, nọ́ńbà ọkọ̀, ìyẹn ló máa ya ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀ fún yín.